Ìyàtọ̀ kékeré nínú owó ọjà lè bo ìṣòro ńlá mọ́lẹ̀: Ohun tó yẹ kí àwọn oníléeṣẹ́ epo pupa nílẹ̀ Ìkálẹ̀ máa wò lópin oṣù

Bí oṣù bá ti parí, ohun tí ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ kéékèèké máa ń ṣe ni pé wọn yóò fi owó tó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n ti ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí àlàfo àárín méjèèjì kò bá pọ̀, wọn yóò mí kanlẹ̀, wọn yóò sì gbájú mọ́ iṣẹ́ oṣù tó kàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àlàfo tó kéré lójú lè jẹ́ àlàfo ńlá méjì tó ń fa ara wọn, tí ọ̀kan ń gbé owó sókè, tí èkejì sì ń fà á wálẹ̀. Ẹni tó bá ń wo àpapọ̀ nìkan kò ní í rí èyíkéyìí nínú wọn.

Ó rọrùn láti rí irú nǹkan báyìí nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iṣẹ́ ọ̀pẹ jẹ́ iṣẹ́ ńlá níbẹ̀, láti Òkìtìpupa, níbi tí oko ọ̀pẹ ńlá ti iléeṣẹ́ Okitipupa Oil Palm wà, títí dé Ìlútitun àti Òde-Ìrèlè, níbi tí àwọn ilé ìfúnpo kéékèèké ti ń ra ẹyìn lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń ta epo fún àwọn oníbàárà tó ń gba Ọ̀rẹ̀ wá láti Èkó. Epo pupa kì í dúró sójú kan. Ìgbà tí ẹyìn bá pọ̀, owó epo máa ń já wálẹ̀. Ìgbà tí ẹyìn bá wọ́n, owó epo a gòkè. Ìdí nìyẹn tí òǹkà ọjà àti iye owó rẹ̀ fi sábàá máa ń dojú kọ ibi tó yàtọ̀ síra wọn.

Ká mú ilé ìfúnpo kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ lásán, èyí tí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Nínú ètò tí ilé ìfúnpo yìí ṣe sílẹ̀, wọ́n retí pé àwọn yóò ta 200 kẹ́ẹ̀gì epo, oní lítà 25, lóṣù kẹrin, ní ₦30,000 lórí kẹ́ẹ̀gì kan. Owó tí wọ́n ń retí jẹ́ ₦6,000,000. Nígbà tí oṣù parí, ₦5,850,000 ló wọlé. Àlàfo náà jẹ́ ₦150,000, ìyẹn náírà méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Mánéjà tó ń bójú tó owó yóò wò ó, yóò sì ní kò burú. Ta ni yóò máa da ara rẹ̀ láàmú nítorí náírà méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tà kì í ṣe 200, 150 péré ni. Iye owó tí wọ́n sì tà á kì í ṣe ₦30,000, ó ti di ₦39,000. Ọjà dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, owó orí ọjà ló wá bá wọn bò ó mọ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín ìyàtọ̀ sọ́nà méjì

Ìṣirò tí àwọn oníṣirò owó fi ń tú àlàfo yìí kò le rárá. Àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ òǹkà: wọn yóò mú òǹkà tí wọ́n tà, wọn yóò yọ òǹkà tí wọ́n retí kúrò nínú rẹ̀, wọn yóò sì fi iye owó tó wà nínú ètò sọ ọ́ di púpọ̀. 150 dín 200 jẹ́ 50 tó dín kù. Lọ́nà ₦30,000, ó di ₦1,500,000 tó dín kù. Ìkejì ni ìyàtọ̀ iye owó: iye tí wọ́n ta kẹ́ẹ̀gì kan gan-an, kí wọ́n yọ iye tó wà nínú ètò kúrò, kí wọ́n sì fi òǹkà tí wọ́n tà gan-an sọ ọ́ di púpọ̀. ₦39,000 dín ₦30,000 jẹ́ ₦9,000. Lọ́nà 150, ó di ₦1,350,000 tó lé. Bí wọ́n bá wá fi ₦1,350,000 tó lé dí ₦1,500,000 tó dín, ohun tó ṣẹ́kù ni ₦150,000 tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Bí méjèèjì kò bá jọ pé iye àlàfo náà gan-an, àṣìṣe wà nínú ìṣirò.

Ohun tí ìṣirò yìí ṣe ni pé ó yí ìbéèrè padà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ló dé tí ₦150,000 fi dín kù, ìbéèrè tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìdáhùn. Ìbéèrè tuntun ni pé, níbo ni 50 kẹ́ẹ̀gì wà? Èyí ní ìdáhùn, nítorí kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe ohun tó ń fò lójú ọ̀run. Bí wọn kò bá fún un, yóò hàn nínú ìwé ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fún un tí wọn kò tà á, yóò wà ní ilé ìkẹ́rùsí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ti jáde ní ẹnu ọ̀nà.

Nílé ìfúnpo tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, kẹ́ẹ̀gì 5 ló kù sílẹ̀ nígbà tí oṣù kẹrin bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ sọ pé 190 ni wọ́n fún lóṣù náà, dípò 200 tó wà nínú ètò, nítorí pé ẹ̀rọ bàjẹ́ fún ọjọ́ méjì. Èyí fi hàn pé 10 nínú 50 kò sí láyé rárá. Ó yẹ kí 195 wà lápapọ̀. Wọ́n ta 150, kí 45 ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n kà á, 33 ni wọ́n bá. Ètò wọn sì ni pé kí 5 péré ṣẹ́kù lópin oṣù. Èyí túmọ̀ sí pé 28 ni wọ́n tọ́jú pa mọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí pé ọ̀gá rí i pé owó epo ń gòkè, ó ní kí wọ́n ṣì dúró ná. Kẹ́ẹ̀gì 12 tó kù ńkọ́? Ìwé àwìn ló dáhùn: oníbàárà kan kó 12 lọ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ó ní òun yóò sanwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn kò sì kọ ọ́ sínú ìwé ọjà nítorí owó kò tíì wọlé.

Mẹ́wàá, méjìdínlọ́gbọ̀n àti méjìlá: àádọ́ta pé. Bí wọ́n bá fi iye owó inú ètò wọ̀n wọ́n, ₦300,000 ni ti ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ₦840,000 ni ti epo tó wà nílẹ̀, ₦360,000 sì ni ti àwìn. Ohun mẹ́ta yìí kò jọra rárá. Ti ẹ̀rọ ti lọ, kò ní í padà. Ti epo inú ilé ìkẹ́rùsí ṣì wà, ṣùgbọ́n títà ni, bí owó epo bá sì já wálẹ̀ kí wọ́n tó tà á, ẹ̀bi ìpinnu ọ̀gá ni. Ti àwìn jẹ́ owó tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ gbà. Bí mánéjà bá ti fi náírà méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, kò sí ẹni tí yóò béèrè àwìn yẹn títí tí oníbàárà yóò fi gbàgbé.

Kí wọ́n tó fi wé ara wọn, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó ọjà

Àwìn 12 yìí tún gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dìde. Ṣé ọjọ́ tí ọjà jáde ni wọn yóò ka owó rẹ̀, àbí ọjọ́ tí owó wọlé? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ọjà jáde, tí wọ́n sì ta 12 náà ní ₦39,000, òǹkà oṣù kẹrin di 162, owó ọjà sì di ₦6,318,000. Iléeṣẹ́ tó rò pé owó òun dín ní ₦150,000 yóò wá rí i pé ó lé ní ₦318,000. Epo kan náà ni, oṣù kan náà ni, òfin ìkọ̀wé nìkan ló yàtọ̀. Èyí tí iléeṣẹ́ bá yàn nínú méjèèjì, òun náà ni kí wọ́n fi ṣe ètò. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ tí ọjà jáde ṣe ètò, tí wọ́n wá ń ka owó tó wọ báńkì, ìyàtọ̀ yóò máa yọjú lóṣooṣù, kò sì ní í ṣàlàyé ohunkóhun nípa ọjà.

Àṣìṣe mìíràn tó jọ èyí ni pé kí wọ́n pín ètò ọdún sọ́nà 12 kó rí bákan náà. Ẹyìn kì í pọ̀ bákan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Bí ọdún bá ti wọ oṣù kejì títí dé oṣù kárùn-ún, ni ó máa ń pọ̀ jù lápá ibẹ̀. Ẹni tó bá retí 100 kẹ́ẹ̀gì lóṣooṣù nítorí pé 1,200 ló ń retí lọ́dún yóò máa yọ̀ lóṣù kẹta, yóò sì máa sunkún lóṣù kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ohun tí Ọlọ́run ti ń ṣe fún ọ̀pẹ láti ìgbà láéláé ni. Kí ètò oṣù kọ̀ọ̀kan wo ohun tí irú oṣù bẹ́ẹ̀ mú wá lọ́dún tó kọjá.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣe é fúnra rẹ̀

Kò pọn dandan kí wọ́n ra ẹ̀rọ olówó gọbọi. Excel tàbí Google Sheets lórí fóònù tó. Ojú ìwé méjì ni wọ́n nílò. Àkọ́kọ́, tí wọ́n lè pè ní Tita, ni wọn yóò máa kọ ọjà sí lójoojúmọ́: ọjọ́ wà lábẹ́ A, orúkọ ọjà lábẹ́ B, òǹkà lábẹ́ C, àpapọ̀ owó lábẹ́ D. Ìkejì ni Eto. Níbẹ̀, A2 jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù, B2 jẹ́ òǹkà tí wọ́n ń retí, C2 jẹ́ iye owó kẹ́ẹ̀gì kan nínú ètò. Lẹ́yìn èyí, kọ̀ǹpútà ni yóò máa ṣe ìyókù. Láti kó òǹkà tí wọ́n tà gan-an wá sínú D2, ohun tí wọn yóò kọ ni:

```
=SUMIFS(Tita!C:C,Tita!B:B,"Epo",Tita!A:A,">="&A2,Tita!A:A,"<"&EDATE(A2,1))
```

Fún àpapọ̀ owó ní E2, ohun kan náà ni, àfi pé Tita!D:D yóò rọ́pò Tita!C:C níbẹ̀rẹ̀. Láti F2 dé I2 wá ni iye owó tí wọ́n tà á gan-an, ìyàtọ̀ òǹkà, ìyàtọ̀ iye owó àti àpapọ̀ àlàfo, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn:

```
=IF(D2=0,C2,E2/D2)
=(D2-B2)*C2
=(F2-C2)*D2
=E2-B2*C2
```

Ìgbà wo ló yẹ kí kọ̀ǹpútà pe àkíyèsí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo àpapọ̀ àlàfo, wọ́n á ní bí kò bá ti kọjá náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n fi sílẹ̀. Àpẹẹrẹ òkè yìí ti fi hàn pé irú ẹnubodè bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ kí 50 kẹ́ẹ̀gì kọjá láìsí ìbéèrè. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni kí wọ́n fi ẹnubodè sí, kì í ṣe àpapọ̀. Ìlà kìíní nísàlẹ̀ yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀; ìlà kejì ń kọ gbólóhùn tí mánéjà yóò kọ́kọ́ kà:

```
=IF(MAX(ABS(G2),ABS(H2))>0.1*B2*C2,"Wa idi","O dara")
="Onka: "&TEXT(G2,"#,##0")&" naira. Iye owo: "&TEXT(H2,"#,##0")&" naira."
```

Bí wọ́n bá fi oṣù kẹrin ti ilé ìfúnpo yìí dán an wò, yóò kọ "Wa idi", yóò sì kọ ọ́ pé òǹkà jẹ́ -1,500,000, iye owó jẹ́ 1,350,000. Bí wọ́n bá ń ta èkùrọ́ náà, kí èkùrọ́ ní ìlà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ẹ̀gì oní lítà 5 gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí oní lítà 25. Bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kẹ́ẹ̀gì kékeré tó bá pọ̀ lóṣù kan yóò jẹ́ kó dà bí ẹni pé owó epo já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò já rárá.

Kọ̀ǹpútà náà máa ń ṣì wọ́n lọ́nà, kì í sì í pariwo bó bá ń ṣe é. Bí akọ̀wé bá kọ "Epo pupa" lọ́jọ́ kan dípò "Epo", SUMIFS yóò fo ìlà yẹn kọjá. Bí ó bá kọ ọjọ́ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà kà sí ọ̀rọ̀ lásán, yóò fò ó pẹ̀lú, ọjà yóò sì dín lójú ìwé láìsí pé ó dín lọ́jà. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí wọ́n ṣírò gbogbo owó tó wà lójú ìwé Tita fún oṣù náà láìka orúkọ ọjà sí, kí wọ́n fi wé àpapọ̀ gbogbo ìlà tó wà ní Eto. Nítorí pé àṣìṣe ọjọ́ lè sá fún ìṣirò yìí náà, kí wọ́n tún fi wé owó tó wọ báńkì, èyí tó gba ẹ̀rọ POS, owó ọwọ́ àti àwìn. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má tíì bẹ̀rẹ̀ àlàyé kankan.

Ohun kan tún wà tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: yíyí ètò padà láàárín ọdún kí ìyàtọ̀ lè kéré. Ètò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà. Bí ìrètí bá yí padà, kí wọ́n kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àlàyé ni iṣẹ́ ènìyàn

Kọ̀ǹpútà lè sọ iye tó dín àti ibi tó ti dín. Kò lè sọ ìdí. "Owó kéré nítorí pé ọjà kò lọ" kì í ṣe àlàyé, àlàfo náà ni wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Àlàyé tó tó fún mánéjà, alájọṣe tàbí òṣìṣẹ́ báńkì tó yá iléeṣẹ́ lówó gbọ́dọ̀ sọ iye, ìdí, ẹ̀rí ìdí náà, bóyá yóò máa bá a lọ, àti ẹni tí yóò ṣe nǹkan nípa rẹ̀. Ti ilé ìfúnpo yìí lè lọ báyìí:

"Owó ọjà oṣù kẹrin fi ₦150,000 dín sí ètò. Òǹkà fa ₦1,500,000 wálẹ̀, iye owó gbé ₦1,350,000 sókè. Nínú 50 kẹ́ẹ̀gì tó dín, 10 jẹ́ ti ẹ̀rọ tó bàjẹ́ fún ọjọ́ méjì, ìwé ẹ̀rọ jẹ́rìí sí i, a ti tún un ṣe. 28 wà nílẹ̀, a kà á lópin oṣù. Ọ̀gá yóò pinnu ọjọ́ tí a ó tà á. 12 jẹ́ àwìn, ìwé àwìn jẹ́rìí sí i. Akápò yóò gbà á lọ́sẹ̀ kìíní oṣù kárùn-ún. Iye owó tuntun ti kọjá ètò fún gbogbo oṣù. A dá a lábàá pé kí a wo ètò oṣù tó kù."

Ìbéèrè bóyá yóò máa bá a lọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń darí ètò oṣù tó kàn. Ọdún 2023 fi àpẹẹrẹ méjì lélẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, owó náírà tuntun wọ́n gógó, àwọn oníbàárà kò rówó ọwọ́ ná, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá ẹjọ́ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nínáwó. Oníṣòwò tí òǹkà ọjà rẹ̀ dín lóṣù kejì ọdún náà ní ìdí tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bó bá gé ètò gbogbo ọdún rẹ̀ kù nítorí rẹ̀, ó ti ṣì í ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lópin oṣù kárùn-ún, tí báńkì àpapọ̀ sì jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà láàárín oṣù kẹfà, owó ọkọ̀ àti owó ọjà kò padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kọ "ìgbà díẹ̀ ni" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàtọ̀ iye owó rẹ̀ lóṣù keje ti gbé ètò tó kù lórí ilẹ̀ tí kò sí mọ́.

Nítorí náà, kí ìdí kọ̀ọ̀kan tí akọ̀wé bá kọ ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì padà kà á lóṣù tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní àwìn ló fa 12 kẹ́ẹ̀gì, ₦468,000 rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lóṣù kárùn-ún. Bí kò bá hàn, àlàyé oṣù kẹrin kò tíì parí.